Níbi tí Sọ́bùwúfà ti Ń Pàdé Sípíkà Òkè: Iṣẹ́ Gbọ̀ngàn Kan ní Òṣogbo

Ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ fi tó mi létí ni pé ìlù kì í sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, ó kàn ń kù ni. Agbègbè Ògo-Olúwa ní Òṣogbo ni gbọ̀ngàn ọ̀hún wà, ibi ìnáwó kékeré tó ń gba bí 150 èèyàn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 18 mítà, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 mítà. Sípíkà méjì olójú 12 íǹṣì ni wọ́n fi irin kọ́ sára ògiri iwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún pèpéle, ọ̀kan lápá òsì. Sọ́bùwúfà méjì olójú 18 íǹṣì, àwọn àpótí tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, wà nílẹ̀ níwájú pèpéle, wọ́n fara kanra ní àárín gbùngbùn. Ohun èlò náà dára. Pírósẹ́sọ̀ tó wà nínú ráàkì, ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún àwọn àpótí, náà dára, ó ní gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí nílò.

Alhaja tó ni gbọ̀ngàn kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà, owó tí mo ná sórí àwọn àpótí yìí kò kéré. Kí ló dé tí adarí ètò fi máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga?"

Mo ní kí wọ́n bá mi pe onílù kan wá kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí pé ìlù tó ń sọ̀rọ̀ máa ń tú àṣírí kurọsófà, ìyẹn ètò tó ń pín ohùn láàárín sọ́bùwúfà àti sípíkà òkè, ju orin inú fóònù lọ. Orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ti gba àtúnṣe kó tó dé etí wa, etí wa náà sì máa ń dárí jì í. Ìlù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wú ju bó ṣe yẹ, tí ohùn àárín sì rẹ̀ dànù, gbólóhùn tó ń wí yóò dàrú, ẹni tó gbọ́ èdè ìlù yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá onílù gbé ìyá ìlù kọ́ èjìká, ó dúró síwájú máìkì, ó sì fi ìlù kí wa pé "Ẹ kú ìkàlẹ̀". Ìró mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú ìkíni yẹn, ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn. Nígbà tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Mo padà lọ jókòó sí àárín gbọ̀ngàn, àwọn ìró mẹ́ta yẹn wá ń ti ilẹ̀ wá, wọ́n wọnú ara wọn, wọ́n sì bo ìró méjì àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀.

Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń bójú tó míkísà ṣí pírósẹ́sọ̀ kí n rí ohun tó wà lójú rẹ̀. Wọ́n fi sọ́bùwúfà sí 180 Hz, èyí ni pé gbogbo ohùn tó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 180 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan wá sí ìsàlẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Fún àwọn sípíkà òkè, kò sí asẹ́ kankan. Ohùn láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìdádúró, tí ojú ẹ̀rọ pè ní `DELAY`, òdo ló wà.

Bí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn tí mo ti wọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó tò ó gbà pé kurọsófà jẹ́ ti sọ́bùwúfà nìkan, pé bí a bá ti sọ fún sọ́bù ibi tí yóò ti dákẹ́, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n asẹ́ méjì ni kurọsófà ní. Ọ̀kan ń sọ fún sọ́bù pé kó má kọjá ibí yìí lọ sókè, èkejì ń sọ fún sípíkà òkè pé kó má sọ̀ kalẹ̀ ju ibí yìí lọ. Níbi tí a bá ti fi èkejì sílẹ̀, àpótí méjì ni yóò máa kọ orin kan náà láti 60 Hz títí dé 180 Hz. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin wà, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń sọ̀rọ̀ láàárín 85 Hz sí 180 Hz.

Ká ní orísun kan náà ni àpótí méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀, ohùn yóò kàn pọ̀ ni. Àmọ́ ọ̀nà wọn sí etí ẹni kò dọ́gba. Mo na tépù láti ìjókòó kan tó wà láàárín gbọ̀ngàn, mítà 10 sí ògiri iwájú. Láti ibẹ̀ dé sípíkà òkè jẹ́ 10.4 mítà, láti ibẹ̀ dé sọ́bù jẹ́ 8.4 mítà. Mítà 2 ni ohùn sípíkà òkè fi pẹ́ lójú ọ̀nà ju ti sọ́bù lọ. Ìyẹn ni yóò sì pinnu ohun gbogbo tó kù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ohùn ní gígùn. Nínú afẹ́fẹ́ tó gbóná bíi ti Òṣogbo lọ́sàn-án, ní nǹkan bí 30 °C, ohùn ń rin mítà 349 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá fi 180 pín in, ìgbì ohùn kan ní 180 Hz gùn tó mítà 1.94. Tí a bá fi 100 pín in, ó jẹ́ mítà 3.49. Bí ohùn kan bá fi ìdajì ìgbì pẹ́ ju èkejì lọ, ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ní àkókò tí èkejì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n á sì pa ara wọn.

Tépù nìkan kò tó láti fi dájọ́, torí asẹ́ àti àpótí pàápàá máa ń dá ohùn dúró níwọ̀nba tiwọn. Ohun tó ń fi òtítọ́ hàn ni kí a pa àpótí kan lẹ́nu mọ́. Mo gbé fóònù tó ní áàpù tó ń wọn ariwo ka orí àga yẹn, ní ibi gíga etí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i nípò mọ́. Mo fi láptọ́ọ̀pù dún ohùn kan ṣoṣo tí kì í yí padà, ní 180 Hz. Sọ́bù nìkan fún wa ní 71 dB, ìyẹn ìwọ̀n bí ohùn ṣe pọ̀ tó. Sípíkà òkè nìkan fún wa ní 72 dB. Nígbà tí méjèèjì ń dún pọ̀, fóònù sọ̀ kalẹ̀ sí 63 dB. Mo wá lọ sí 80 Hz, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà: sọ́bù nìkan jẹ́ 80 dB, méjèèjì pọ̀ jẹ́ 84 dB.

Nọ́mbà wọ̀nyẹn ti sọ ohun tí bàbá onílù fi hàn wá. Ní ìsàlẹ̀, àpótí méjèèjì ń gbe ara wọn lẹ́yìn, ohùn ń wú. Ní 180 Hz, wọ́n ń pa ara wọn, ohùn ń ṣófo. Fóònù kì í wọn ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa, n kò sì gbà pé 80 dB tó sọ jẹ́ 80 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi ohùn kan náà wé ara rẹ̀, lórí àga kan náà, ìyàtọ̀ tó bá fi hàn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìdánwò yìí, torí òun ló ń gbani lọ́wọ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Gbogbo gbọ̀ngàn ló ní ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń sọnù nítorí ògiri àti òrùlé, kurọsófà kò sì lè wo ìyẹn sàn. Nínú gbọ̀ngàn yìí pàápàá, ohùn tó wà ní nǹkan bí 50 Hz rẹlẹ̀ lórí àwọn àga kan. Bí a ṣe ń dá méjèèjì mọ̀ ni pé, bí ohùn bá rẹlẹ̀ nígbà tí sọ́bù nìkan ń dún, ilé ló fà á. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dún dáadáa, tí ohùn wá rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n para pọ̀, ìpàdé wọn ló bàjẹ́. Ti ilé, ibi tí a gbé sọ́bù sí la lè yí padà. Ti ìpàdé, orí pírósẹ́sọ̀ ni oògùn rẹ̀ wà. Mo ti rí àwọn tó ń fi ìkúàlásà, ibi tí a ti ń gbé ohùn kan sókè tàbí sílẹ̀, gbé ohùn tó sọnù níbi ìpàdé sókè. Bí wọ́n ṣe ń gbé e, bẹ́ẹ̀ ni àpótí méjèèjì ń pa ara wọn pẹ̀lú agbára tó pọ̀ sí i.

Ìbéèrè tó kàn ni pé ní nọ́mbà wo ni kí wọ́n ti pàdé. Ọ̀dọ̀ sípíkà òkè ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ sọ́bù. Ìwé tó bá sípíkà wá sọ pé ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé 55 Hz. Irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ibi tí ohùn ti fi 10 dB rẹlẹ̀ sí tó kù, kò túmọ̀ sí pé àpótí náà lágbára níbẹ̀. Mo pa sọ́bù, mo sì ń sọ ohùn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 150 Hz. Títí dé 80 Hz, fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Láti 75 ló ti ń rọra já. Ní 60 Hz, kóònù olójú 12 náà ń lọ ó ń bọ̀ débi tí a fi ojú rí i, ohùn tó sì ń ti inú rẹ̀ jáde kò tó nǹkan.

Ìdí nìyí: kí ariwo tó lè dúró sí ipò kan náà, kóònù gbọ́dọ̀ rin ìlọ́po mẹ́rin ní gbogbo ìgbà tí a bá dá nọ́mbà Hz sí méjì. Sípíkà tó ń fi kóònù rẹ̀ rin mílímítà 1 ní 100 Hz ní láti rin mílímítà 4 ní 50 Hz. Kóònù kan náà yẹn sì ni ohùn adarí ètò wà lórí rẹ̀. Bí gìtá béèsì bá ń dún lórí okùn rẹ̀ tó nípọn jù, tó jẹ́ 41 Hz, tí asẹ́ kò sì sí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí adarí ètò ń sọ yóò máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Apá kan ohun tí Alhaja ń gbọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ìpàdé gbọ́dọ̀ wà níbi tí sípíkà òkè ti ń dúró ṣinṣin, kó sì jìnnà díẹ̀ sí ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Fún èyí tó wà níbí, 80 Hz ti sún mọ́ bèbè jù.

Láti òkè wá ńkọ́? Bí a bá jẹ́ kí sọ́bù gun òkè kọjá 120 Hz, etí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tó wà, ohùn ọkùnrin yóò sì máa ti ilẹ̀ wá nígbà tí ojú ń rí i lórí pèpéle. Ìdí kejì ni mítà 2 tí tépù fún wa. Bí nọ́mbà ìpàdé bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ kékeré láti àga kan sí èkejì ṣe lè ba ìpàdé jẹ́. Ní 180 Hz, ìdajì ìgbì kò tó mítà 1. Ní 100 Hz, ó jẹ́ mítà 1.75. Mo mú 100 Hz.

Ojú pírósẹ́sọ̀ tún béèrè irú asẹ́ tí a fẹ́. Mo mú `LR24` fún méjèèjì. L àti R yẹn dúró fún Siegfried Linkwitz àti Russ Riley, àwọn ẹnjiníà méjì tó jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard. Linkwitz gbé ọ̀nà náà jáde nínú ìwé ní 1976. Ohun tó fi yàtọ̀ sí `BW24`, irú asẹ́ mìíràn tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ibi tí asẹ́ méjèèjì ti ń kọjá lára wọn. Ti LR, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fi 6 dB sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, àròpọ̀ wọn sì dọ́gba pẹ̀lú tó kù. Ti BW, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 3 dB péré sọ̀ kalẹ̀, àròpọ̀ wọn yóò sì yọ 3 dB sókè. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ráhùn pé ohùn ń kù, n kò fẹ́ irú òkè bẹ́ẹ̀.

Mo fi 100 Hz sí asẹ́ méjèèjì, mo sì fi ìdádúró sílẹ̀ ní òdo bó ṣe wà, kí ọmọkùnrin náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mo dín sọ́bù kù títí ó fi bá sípíkà òkè dọ́gba lórí àga wa: sọ́bù nìkan 74 dB, sípíkà òkè nìkan 74 dB, ní 100 Hz. A jẹ́ kí méjèèjì dún. Fóònù ka 64.

Ó wò mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn tó bá dúró níbí ló máa ń padà sí 180 Hz, tí wọ́n á sì máa sọ fún ara wọn pé 100 kò bá gbọ̀ngàn yìí mu. Nọ́mbà náà kò ní ẹ̀bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé sọ́bù ti dé etí kí sípíkà òkè tó dé, ìyàtọ̀ àkókò yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ìdajì ìgbì 100 Hz gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá yára gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mítà 2, tí a bá fi 349 pín in, jẹ́ 0.0057 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí ojú ẹ̀rọ ń kọ ní `5.7 ms`. Mo fi ìyẹn sí ìdádúró sọ́bù. Fóònù fò sókè sí 79.

Ẹni tí kò ní àkókò lè dúró níbẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Ṣùgbọ́n tépù ọ̀nà ohùn nìkan ló wọ̀n, kò wọn ohun tí àpótí fúnra wọn ṣe sí àkókò. Ọ̀nà tó péye ju tépù lọ wà, ọ̀nà náà sì dà bí ẹni pé ó lọ sẹ́yìn: a ó kọ́kọ́ wá ibi tí ohùn ti sọnù jù. Tí a bá ń wá ibi tí ohùn ti pọ̀ jù, òkè rẹ̀ tẹ́jú, a lè yí ìdádúró ní 1 ms kí fóònù máà fi hàn. Ibi tí ohùn ti sọnù jù kì í tẹ́jú, ó tín-ín-rín, ó sì jinlẹ̀. Lójú pírósẹ́sọ̀, ibì kan wà tí wọ́n kọ `POLARITY` sí. Mo yí ti sọ́bù padà, kó máa fà sẹ́yìn nígbà tó yẹ kó máa tì síwájú. Ní báyìí, bí àkókò wọn bá ṣe bára mu tó, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe pa ara wọn tó. Mo jẹ́ kí ohùn 100 Hz máa dún níwọ̀ntúnwọ̀nsì, torí ohùn kan ṣoṣo tí kò sinmi máa ń mú wáyà inú sípíkà gbóná kíákíá. Ọmọkùnrin náà ń yí ìdádúró láti 5.7 wá sílẹ̀, èmi ń ka fóònù. Ó ń já, ó ń já, ó dé 57 dB nígbà tí ìdádúró di 4.5 ms, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. Mo ní kó padà sí 4.5, kó sì dá pọlárítì sí ipò rẹ̀. Fóònù ka 80, èyí tó fi 6 dB ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ, kò sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ 1.2 ms tó wà láàárín tépù àti fóònù kò yà mí lẹ́nu. Sípíkà òkè ti sún mọ́ ìsàlẹ̀ agbára rẹ̀ ní 100 Hz ju bí sọ́bù ṣe sún mọ́ tirẹ̀ lọ, èyí sì máa ń ti ìgbì ohùn rẹ̀ síwájú díẹ̀, nítorí náà sọ́bù kò ní láti dúró pẹ́ tó bí tépù ṣe wí. Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Ní 100 Hz, ìgbì kan ń gba 10 ms. Bí a bá tẹ̀ síwájú dé 14.5 ms, a ó tún rí ibòmíràn tí ohùn ti sọnù, tó jọ ti àkọ́kọ́. Ìgbì tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Bí a bá mú un, ohùn kan ṣoṣo tí kì í yí padà yóò bára mu, ṣùgbọ́n ìlù yóò máa lu ẹ̀ẹ̀mejì. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tépù nìyẹn: ibi tó sún mọ́ nọ́mbà rẹ̀ jù ni òdodo.

Ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀ ká ní orin tí kò ní béèsì púpọ̀ ni wọ́n ń kọ nínú gbọ̀ngàn yìí. Fújì ni wọ́n ń gbé wá, jùjú ni wọ́n ń gbé wá. Bí sọ́bù bá dọ́gba pẹ̀lú sípíkà òkè, Alhaja yóò ní mo ti jí béèsì òun gbé. Ó fẹ́ kó fi nǹkan bí 6 dB ga, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n a kò lè kàn gbé sọ́bù sókè ká lọ, torí ìpàdé yóò sún. Bí sọ́bù bá fi 6 dB ga, tí asẹ́ méjèèjì ṣì wà ní 100 Hz, ibi tí wọ́n ti dọ́gba ní tòótọ́ yóò ti lọ sí nǹkan bí 119 Hz. Ojú ẹ̀rọ yóò ṣì máa kọ 100, sọ́bù yóò sì ti máa gòkè wọnú ohùn adarí ètò. Bí gbọ̀ngàn tí wọ́n tò dáadáa láàárọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í kù lálẹ́ nìyẹn, lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti ní kí wọ́n fi béèsì kún un.

Mo gbé sọ́bù sókè ní 6 dB, mo sì sọ asẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ sí 80 Hz. Ti sípíkà òkè dúró sí 100. Nọ́mbà méjèèjì kò bára mu mọ́ lójú ẹ̀rọ, àmọ́ nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà dọ́gba ní 100 Hz, ibi tí a fẹ́. Asẹ́ tí a bá sọ kalẹ̀ tún máa ń dá ohùn dúró sí i, nítorí náà a ní láti tún ìdánwò pọlárítì ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi tí ohùn ti sọnù jù jẹ́ 3.5 ms. Bá a ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn: `HPF 100 Hz LR24` fún sípíkà òkè, `LPF 80 Hz LR24` àti `DELAY 3.5 ms` fún sọ́bù. HPF ni asẹ́ tó ń dí ohùn ìsàlẹ̀ lọ́nà, LPF ni èyí tó ń dí ohùn òkè.

Bàbá onílù tún gbé ìyá ìlù. "Ẹ kú ìkàlẹ̀." Ìró márààrún wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, gbogbo wọn sì ti ibì kan náà wá. Ó yí okùn ìlù lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Òṣogbo, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tó ń wí. Mo ní kí ọmọkùnrin náà mú máìkì, kó máa rìn lórí pèpéle kó máa sọ̀rọ̀, kí ohùn gìtá béèsì láti inú fóònù máa lọ lábẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Alhaja jókòó sẹ́yìn títí, ó wá ní, "Béèsì wà níbẹ̀ ṣá."

Ibì kan kò gba oògùn tán. Lórí àwọn àga iwájú tó wà ní igun, lẹ́bàá ògiri, sípíkà òkè tó sún mọ́ wọn àti sọ́bù jìnnà sí wọn lọ́gbọọgba, mítà 4 àti ààbọ̀ tàbí díẹ̀ sí i. Ìdádúró tó bá àárín gbọ̀ngàn mu kò lè bá wọn mu, torí kò sí mítà 2 kankan láti san padà níbẹ̀. Mo gbé fóònù lọ síbẹ̀: ní 100 Hz, méjèèjì pọ̀ kò ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ọ̀nà tí yóò tán ìyẹn ni kí a gbé sọ́bù kọ̀ọ̀kan sábẹ́ sípíkà òkè rẹ̀ lára ògiri, kí ọ̀nà wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún gbogbo àga. Alhaja kò gbà, torí ẹ̀gbẹ́ pèpéle lọ́tùn-ún lósì ni wọ́n ń gbé oúnjẹ gbà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àga tó wà ní igun méjèèjì kò pọ̀, ẹni tó jókòó síbẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kedere, béèsì rẹ̀ ló kàn tín-ín-rín díẹ̀.

Mo kọ àwọn nọ́mbà náà sórí páálí, pẹ̀lú 10.4 àti 8.4 tí tépù fún wa, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ráàkì. Mo ní kí ọmọkùnrin náà fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ sọ́bù wà. Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ máa ń tì í síwájú kí òdòdó wọn lè ráyè, bí wọ́n bá sì tì í tó mítà 1, nǹkan bí 3 ms ni wọ́n ti fi kún ohun tó yẹ kó fi dúró.